Ẹ wo ojú ìwé ìdógò kí ẹ tó tajà láwìn fún ilé-iṣẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lórí bí olùtajà ṣe lè mọ ilé-iṣẹ́ tó ṣeé tà fún láwìn. Ẹ ní ká wo èrè ọdún, ká wo owó tó wà ní báńkì, ká wo bí ilé-iṣẹ́ náà ti pẹ́ tó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ ò mẹ́nu kan dúkìá tí ilé-iṣẹ́ ti fi dógò, ibẹ̀ sì ni owó olùtajà máa ń há sí jù lọ. Ilé-iṣẹ́ lè kó ọjà kún ilé ìkẹ́rùsí, kó ní ọkọ̀ akẹ́rù tó pọ̀, kó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa kọ́kọ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá dàrú.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò fáìlì ilé-iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni fáìlì wọn lórí ìkànnì Companies House, ọ̀fíìsì tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè ṣí i. Tẹ orúkọ tàbí nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti forúkọ ìdógò kankan sílẹ̀ rí, wàá rí ibi tí wọ́n kọ `Charges` sí lókè ojú ìwé náà. Tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí ìdógò kankan lórí àkọsílẹ̀ náà. Ìyẹn ò ní kí ilé-iṣẹ́ náà máà jẹ gbèsè o. Owó tí báńkì yá wọn láìgba ìdógò kì í wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n háyà kì í wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí kò tíì di tiwọn títí wọ́n á fi san án tán, kì í wọ ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n ro ilé-iṣẹ́ kan fún yín, ẹni tí ń ra ọjà lọ́wọ́ wa, tó ní òun á san owó lẹ́yìn oṣù méjì. Ìdógò méjì ló wà lójú ìwé rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọdún 2011, báńkì kan ló ni ín, wọ́n sì kọ `Outstanding` sí i. Ti èkejì, wọ́n ṣe é ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2024, ìwé rẹ̀ dé ọ̀fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kan náà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á rí ti 2011, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á ní gbèsè ọdún yẹn ṣì wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ dandan. `Outstanding` kàn ń sọ pé ẹnikẹ́ni ò tíì fi ìwé ránṣẹ́ pé ìdógò náà ti tán ni. Òfin ò fi dandan lé e pé kí ilé-iṣẹ́ fi ìwé yẹn ránṣẹ́ nígbà tó bá san gbèsè tán, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń gbàgbé. Kò tún sọ iye owó fún ọ, torí pé ọ̀pọ̀ ìwé ìdógò báńkì ni wọ́n kọ pé ó dúró fún gbogbo owó tí ilé-iṣẹ́ náà bá jẹ wọ́n, títí kan èyí tí wọn ò tíì yá. Lọ wo ìṣirò ọdún tó wà nínú fáìlì kan náà, ní apá tí wọ́n ti ń to gbèsè. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ iye tí ìdógò dúró fún. Bí kò bá sí gbèsè báńkì níbẹ̀ mọ́, ní kí oníbàárà rẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ báńkì náà pé wọ́n ti tú ìdógò sílẹ̀. Ẹni tó ti san tán kì í jà lórí ìyẹn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ti 2024. Ẹ wo ọjọ́ méjèèjì. Òfin ibẹ̀ fún wọn ní ọjọ́ 21 láti mú ìwé wá, kíkà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdógò náà. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣí fáìlì yìí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta kò ní rí ìdógò kejì yìí, bẹ́ẹ̀ ó sì ti wà. Ní Nàìjíríà, òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 fún wọn ní ọjọ́ 90, ibi tí nǹkan lè sá pamọ́ sí tún wá fẹ̀ sí i. Bí ọjà tí o fẹ́ kó jáde bá pọ̀, tún fáìlì wò lẹ́yìn tí àkókò yẹn bá kọjá, kí o tó kó ìyókù. Tí wọn ò bá mú ìwé wá lásìkò, tí kóòtù ò sì fún wọn ní ààyè kún un, ìdógò náà kò ní lágbára lórí àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ lówó, tàbí lórí ẹni tó wá tú ilé-iṣẹ́ náà ká.

Lẹ́yìn ọjọ́, wo ẹni tó ni ìdógò, níbi tí wọ́n kọ `Persons entitled` sí. Nínú àpẹẹrẹ mi yìí, kì í ṣe báńkì. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ni, nígbà tí mo sì wá orúkọ rẹ̀, ọ̀gá tó ń bá wa ra ọjà náà ni olùdarí ibẹ̀. Kò lòdì sófin pé kí ọ̀gá yá ilé-iṣẹ́ ara rẹ̀ lówó, kó sì gba ìdógò. Ṣùgbọ́n kí olùtajà mọ̀ pé bí ilé-iṣẹ́ náà bá wó, ọ̀gá á ti wà níwájú rẹ̀ nínú ìlà àwọn tó ń gba owó.

Ṣí ìwé ìdógò náà fúnra rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013, ẹ̀dà rẹ̀ máa ń wà nínú fáìlì, ẹ má dúró sórí àkópọ̀ nìkan. Wo bóyá ilé kan tàbí ilẹ̀ kan pàtó ló di mú, tàbí ìdógò tó léfòó lórí gbogbo dúkìá. Èyí tó léfòó ń jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ máa ta ọjà rẹ̀ nìṣó bó ṣe wù ú, títí wàhálà á fi dé. Ìgbà yẹn ló máa ń bọ́ sílẹ̀ gbá ohun tó bá kù mú, ọjà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó fún wọn tí wọn ò tíì san owó rẹ̀ sì lè wà lára rẹ̀.

Ohun kan tí olùtajà lè ṣe ni pé kó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kó tó kó ọjà sílẹ̀, pé tòun ni ọjà náà títí wọ́n á fi san owó rẹ̀. Kíkọ ọ́ sórí ìwé owó lẹ́yìn tí ọjà ti lọ kò tó. Ọjà náà sì gbọ́dọ̀ ṣeé dá mọ̀ láàárín ọjà àwọn ẹlòmíràn. Irin tí wọ́n ti yọ́ pọ̀ mọ́ irin mìíràn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé èyí jáde fún àwọn tó ka àròkọ yẹn, nítorí pé àwọn mìíràn lè ti máa múra àtikó ọjà jáde lórí ìmọ̀ràn rẹ̀.

Tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín kan tó ń ṣàyẹ̀wò fáìlì ilé-iṣẹ́