Lẹ́tà ìparí sáà sí àwọn òbí: ìṣápá nínú yàrá sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọjọ́ ìwọlé àti owó ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú ìwé kejì tó bá èyí rìn. Ohun kan ni mo fẹ́ bá yín sọ níhìn-ín, torí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ yóò fẹ́ tún un ṣe nílé.

Ní sáà yìí, wọ́n fi ìṣápá pupa tí a fi ń se sobo dán àwọn omi inú ilé wò, kí wọ́n lè mọ èyí tó jẹ́ ásíìdì, ìyẹn ohun tó máa ń kan, àti èyí tó jẹ́ báàsì, òdìkejì rẹ̀. Ásíìdì máa ń mú kí omi ìṣápá pọ́n, báàsì sì máa ń sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Kábéèjì pupa náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ìṣápá ló sún mọ́ wa jù.

Wọ́n da ife omi gbígbóná méjì lé ẹ̀kúnwọ́ ìṣápá gbígbẹ kan, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n sì sẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin kan fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí tirẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà rárá, ló bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ọsàn wẹ́wẹ́ kì í ṣe ásíìdì. Olùkọ́ rẹ̀ kò fagi lé e. Ó kàn bi í pé, "Báwo ni sobo ṣe ń rí lẹ́nu kí ìyá rẹ tó fi ṣúgà sí i?" Ọmọ náà ní, "Ó máa ń kan, mà." Ó rí ìdáhùn rẹ̀ níbẹ̀: ìṣápá fúnra rẹ̀ jẹ́ ásíìdì. Bí omi rẹ̀ bá ki, ó ti pọ́n dé ibi tó lè pọ́n dé. Wọ́n bu ṣíbí kan nínú rẹ̀, wọ́n fi omi ṣíbí mẹ́wàá là á títí ó fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí ọsàn wẹ́wẹ́ wá kán sí i, ó pọ́n yòò. Bí ẹ bá ṣe é nílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ife kan sílẹ̀ tí wọn kò ní kán ohunkóhun sí, kí wọ́n lè máa fi àwọn yòókù wé e.

Omi káún ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bí wọ́n ṣe ń kán an sí i díẹ̀díẹ̀, pupa náà di àwọ̀ àlùkò, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ewé. Wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, ó hó, ó sì padà pọ́n. Omi eérú le ju káún lọ. Èyí tí wọ́n gbàgbé sínú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè bí omi ẹ̀kọ tó ti bàjẹ́, kò sì padà sí pupa tó ní tẹ́lẹ̀ mọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ àwọ̀ tí wọ́n bá rí sílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun. Ńṣe ló máa ń pa àwọ̀ ìṣápá rẹ́, kò ní sọ ohunkóhun fún wọn. Bí ó bá sì pàdé ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fíníga, èéfín olóró ló ń yọ. Ife tí wọ́n bá lò, kí ẹnikẹ́ni má mu nǹkan nínú rẹ̀. Kí wọ́n fi omi ṣan án dáadáa, torí ọṣẹ tó bá kù sí ìdí rẹ̀ yóò yí àwọ̀ padà, wọn yóò sì rò pé omi ẹ̀rọ ló ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a bá wọlé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀kúnwọ́ ìṣápá gbígbẹ kan wá nínú ọ̀rá, àti omi ògì díẹ̀ nínú ìgò tó ní ìdérí. Òun ni a óò kọ́kọ́ dán wò.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́