Máàkì mẹ́fà kan náà fún gbogbo ènìyàn kò mú ẹ̀dà méjì dọ́gba

Sí Olóòtú,

Mo ka ìròyìn yín lórí ìdánwò tí wọ́n ṣe ní ẹ̀dà méjì, èyí tí àwọn tó ṣètò rẹ̀ ti gbà pé ẹ̀dà kejì le ju ẹ̀dà kìíní lọ, tí wọ́n sì tìtorí bẹ́ẹ̀ fi máàkì mẹ́fà kún ti gbogbo ẹni tó ṣe ẹ̀dà kejì. Bí ẹ ṣe kọ ọ́, àfi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn ṣírò máàkì ìdánwò, n kò sì gbà pé ó ti yanjú.

Ibi tí wọ́n ti rí mẹ́fà hàn nínú àtẹ tí ẹ tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìròyìn náà: ìpíndọ́gba máàkì jẹ́ 58 nínú 100 ní ẹ̀dà kìíní, ó sì jẹ́ 52 ní ẹ̀dà kejì. Ṣùgbọ́n nínú àtẹ yẹn kan náà ni ìwọ̀n ìfọ́nká wà, ìyẹn bí máàkì àwọn ènìyàn ṣe máa ń jìnnà sí ìpíndọ́gba tó. Ó jẹ́ 12 ní ẹ̀dà kìíní, ó sì jẹ́ 16 ní ẹ̀dà kejì. Ohun tí èyí fi hàn ni pé kì í ṣe bákan náà ni ẹ̀dà kejì ṣe le fún gbogbo ènìyàn. Àwọn tí ìmọ̀ wọn kò pọ̀ ni ó ni lára jù, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa lára.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n wo bí máàkì kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba ẹ̀dà tirẹ̀, kí wọ́n sì wá máàkì tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀dà kìíní. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó gba 42 ní ẹ̀dà kejì. Ó fi 10 kéré sí ìpíndọ́gba. Níwọ̀n bí ìwọ̀n ìfọ́nká ẹ̀dà kìíní, 12, ti jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti ẹ̀dà kejì, 16, 10 yẹn yóò di 7.5 lórí ẹ̀dà kìíní, bí a bá sì yọ ọ́ kúrò nínú 58, yóò ku 50.5. Bí 50 bá jẹ́ máàkì àṣeyege, ẹni yìí yege. Pẹ̀lú máàkì mẹ́fà tí wọ́n fún un, 48 péré ló ní, ó sì fìdí rẹmi. Ní ti ẹni tó gba 80, ó fi 28 ju ìpíndọ́gba lọ, èyí tó di 21, nítorí náà 79 ni máàkì rẹ̀ lórí ẹ̀dà kìíní. Wọ́n ti kọ 86 fún un. Kò dá mi lójú pé àwọn òbí rẹ̀ máa kọ lẹ́tà sí yín.

Ìṣirò tí mo ṣe yìí ní ààlà tirẹ̀. Ó dúró lórí pé àwọn tó ṣe ẹ̀dà kìíní àti àwọn tó ṣe ẹ̀dà kejì kò yàtọ̀ síra nínú ìmọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá pín ìwé ìbéèrè ní ìjókòó-sí-ìjókòó, tí ẹni kìíní gba ẹ̀dà kìíní, tí ẹni tó jókòó tì í gba ẹ̀dà kejì. Bó bá jẹ́ pé òwúrọ̀ ni wọ́n ṣe ẹ̀dà kìíní, tí wọ́n sì ṣe ẹ̀dà kejì ní ọ̀sán fún àwọn ènìyàn mìíràn, a kò lè mọ̀ bóyá ìwé ìbéèrè ló le tàbí àwọn ènìyàn ni kò mọ̀ ọ́n. Nígbà náà, àfi kí ìbéèrè àjọní wà, ìyẹn àwọn ìbéèrè kan náà tó fara hàn nínú ẹ̀dà méjèèjì. Ká ní wọ́n jẹ́ 20. Bí àwùjọ méjèèjì bá gba nǹkan bíi 12 nínú wọn, ìwé ìbéèrè ló fa ìyàtọ̀ náà. Bí ti òwúrọ̀ bá gba 12, tí ti ọ̀sán gba 10, a jẹ́ pé apá kan nínú máàkì mẹ́fà yẹn kì í ṣe ẹ̀bi ìwé ìbéèrè rárá.

Ewu ibẹ̀ ni pé ìbéèrè àjọní lè ti ọ̀dọ̀ àwọn òwúrọ̀ jò sọ́wọ́ àwọn ọ̀sán. Àwọn ọ̀sán yóò wá dà bí ọlọ́gbọ́n, ẹ̀dà tiwọn yóò dà bí èyí tó le ju bó ṣe le lọ, àfikún máàkì tí wọ́n ń gbà yóò sì tún pọ̀ sí i. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni kí a fi ìdá àwọn tó gba ìbéèrè àjọní kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ lówùúrọ̀ wé ti ọ̀sán. Èyí tó bá rọrùn lójijì lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn yòókù kò yí padà, ni a ń yọ kúrò kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí akọ̀ròyìn yín padà lọ bi wọ́n bí wọ́n ṣe pín ẹ̀dà méjèèjì, àti bóyá ìbéèrè àjọní wà nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ ìjókòó-sí-ìjókòó ni wọ́n pín in, tí 50 sì jẹ́ máàkì àṣeyege, gbogbo ẹni tó gba 42 tàbí 43 ní ẹ̀dà kejì ló yẹ kí wọ́n pè padà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan