Ta Ló Dá Ẹlẹ́dàá? Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi

Alárìíyànjiyàn mi,

Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀kọ́ ń lọ? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé sí ọ, àmọ́ òru òní ni ọ̀rọ̀ kún inú mi débi pé oorun kò gbà mí. Àsìkò tí kò yẹ lo lọ o. Àga rẹ nínú sẹ́mínà, Pásítọ̀ Kékeré ti gbà á, kò sì kéré sí ọ nínú ká má jẹ́ kí ẹlòmíì sọ̀rọ̀.

Màmá ṣì ni wọ́n ń kọ́ wa, bí o ṣe mọ̀ wọ́n náà ni wọ́n ṣe wà. Àwọn aláìgbọlọ́rungbọ́ tuntun ni wọ́n gbé wá ní sáà yìí: Sam Harris, Daniel Dennett, Christopher Hitchens àti Richard Dawkins, àwọn tí ìwé wọn tò tẹ̀ léra láti 2004 sí 2007. Mo ti múra sílẹ̀ pé ogun ẹ̀sìn àti ìwà ìkà àwọn ẹlẹ́sìn la máa fi ọjọ́ gbogbo jà lé lórí. Màmá ní rárá, pé kí ẹlẹ́sìn ya ìkà kò sọ bóyá Ọlọ́run wà tàbí kò sí. Orí kan ṣoṣo ni wọ́n fà yọ, orí kẹrin ìwé tí Dawkins tẹ̀ jáde ní 2006, níbi tó ti ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kò sí Ọlọ́run. Ta ni wọ́n ní kó gbèjà rẹ̀? Èmi. Má rẹ́rìn-ín.

Bí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ṣe lọ nìyí. Fred Hoyle, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kí ohun ẹlẹ́mìí kàn ṣàdédé wáyé kò yàtọ̀ sí kí ìjì fẹ́ gba àárín òkìtì àlòkù irin kọjá, kí bàálù Boeing 747 odindi sì jáde níbẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Dawkins wá gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó ní bí ohun tó díjú bí ojú ènìyàn bá ṣòro láti ṣàdédé wà, ẹni tó lè ro irú ojú bẹ́ẹ̀ kó sì ṣe é gbọ́dọ̀ díjú jù ú lọ, wíwà tirẹ̀ á sì tún ṣòro jù ú lọ. Ọlọ́run gan-an ni bàálù tó ga ju gbogbo bàálù lọ. Ẹfolúṣọ̀n ní tirẹ̀ kò bá ìṣòro yìí pàdé, nítorí pé láti orí ohun tí kò díjú ló ti ń bẹ̀rẹ̀: ìyàtọ̀ kékeré tó wúlò á dúró, òmíràn á lé e, títí tí ojú á fi wà. Ní ti bí àgbáyé fúnra rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, Dawkins gbà pé físíìsì kò tíì ní irú àlàyé bẹ́ẹ̀, ó kàn ní ká má sọ ìrètí nù.

Gbólóhùn mẹ́fà ló fi kó gbogbo rẹ̀ jọ. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi sọ ohun tí William Lane Craig, onímọ̀ ọgbọ́n orí tó jẹ́ onígbàgbọ́, sọ lù mí: bí gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ohun tó tẹ̀ lé wọn kò ju pé kò yẹ ká ti ara iṣẹ́ ọnà inú ayé mọ̀ pé Ọlọ́run wà. Ẹ̀rí kan ló wó. Ẹni tí ẹ̀rí náà ń wá ṣì lè wà. Mo gbà fún wọn. Ibi tí agbára ọkùnrin náà wà ni gbólóhùn kẹta, pé oníṣẹ́ ọnà náà fúnra rẹ̀ ń fẹ́ àlàyé, ibẹ̀ ni mo sì di mú.

Pásítọ̀ Kékeré bá dìde, ó ní, “Ọlọ́run kò ní ìbẹ̀rẹ̀! Ẹni tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, ta ni yóò dá a?” Ìdajì kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ká ní o wà níbẹ̀ ni, ò bá ti ta kò ó kí wọ́n tó ká ọwọ́ sílẹ̀. Ìdáhùn yẹn kò kan ìbéèrè náà. Dawkins kò béèrè ọjọ́ tí Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀. Gbà pé ẹ̀rọ kan wà láti ayérayé, tó ní ẹgbẹ̀rún irin tí gbogbo wọn bá ara wọn mu. Ṣé pé ó ti pẹ́ lè dí wa lọ́wọ́ láti béèrè ìdí tí wọ́n fi tò báyìí tí wọn kò tò lọ́nà mìíràn? Mo sọ bẹ́ẹ̀, ó jókòó, ojú rẹ̀ le.

Àmọ́ Ẹlẹ́nu Mímú (orúkọ tí ìwọ sọ ọ́ ṣì mọ́ ọn lára) ló fún mi ní wàhálà gidi. Ìdáhùn tí Alvin Plantinga, onímọ̀ ọgbọ́n orí tí òun náà jẹ́ onígbàgbọ́, kọ ní 2007 ló gbé wá. Dawkins fúnra rẹ̀, nínú ìwé tó kọ ní 1986, ló ní ohun tó díjú ni ohun tó ní ẹ̀yà púpọ̀ tí a tò lọ́nà tí kò lè ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ẹ̀mí ni, Plantinga ní, ẹ̀mí kò sì ní ẹ̀yà. Nípa ọ̀rọ̀ Dawkins fúnra rẹ̀, Ọlọ́run kò díjú rárá. Ó tún fi Thomas Aquinas tì í lẹ́yìn, àlùfáà Kátólíìkì tó ti kọ́ni ní nǹkan bí 750 ọdún sẹ́yìn pé kò sí ohunkóhun tí a tò pọ̀ nínú Ọlọ́run: ìmọ̀ rẹ̀, agbára rẹ̀ àti wíwà rẹ̀, ọ̀kan náà ni.

Mo fẹ́ràn ìdáhùn náà, mi ò sì fẹ́ kó mọ̀. David Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Scotland, ni mo sá lọ bá, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1779 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Níbẹ̀, ẹnì kan béèrè ìdí tí ayé tó wà nínú ọkàn kò fi ní fẹ́ àlàyé bí ayé tí a ń fọwọ́ kàn ṣe ń fẹ́ ẹ. Ọkàn tó mọ bí ewé kọ̀ọ̀kan ṣe rí gbọ́dọ̀ ní ohun kan nínú tó yàtọ̀ fún ewé tibí àti ewé tọ̀hún, bí kò tilẹ̀ ní irin tàbí ẹran ara. Ẹlẹ́nu Mímú ní rárá, pé ìmọ̀ kan ṣoṣo tí kò pín ni Ọlọ́run fi mọ gbogbo wọn. Mo ní ó dáa, ṣé Ọlọ́run tí kò pín, tí kò yí padà, tí ohun tó mọ̀ àti ohun tó jẹ́ kò yàtọ̀ síra, lè gbọ́ àdúrà mi láàárọ̀ kó sì káàánú mi lálẹ́?

Ibẹ̀ ni ilé ti dàrú, ọ̀rẹ́ mi! Kì í ṣe èmi ni Pásítọ̀ Kékeré kọjú ìjà sí, Ẹlẹ́nu Mímú ni. Ó ní ta ló wá ń gbàdúrà sí bó bá rí bẹ́ẹ̀? Ẹlẹ́nu Mímú náà fèsì pé Ọlọ́run tòun kì í ṣe ọkùnrin ńlá kan tó jókòó sókè. Láti ọjọ́ yẹn wọn kì í kí ara wọn mọ́. Àwọn méjì tí gbogbo wa ti ń fojú ìgbéyàwó wò! Aláìgbọlọ́rungbọ́ kò tú wọn ká, ẹ̀kọ́ Aquinas ló tú wọn ká. Mo ti ń wá ẹni tí màá sọ ọ́ fún, tọkàntọkàn.

Plantinga tún ní ọfà kejì. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé dandan ni kí Ọlọ́run wà, tí kò sí bí ayé ṣe lè rí kó má sí níbẹ̀, a kò lè pe wíwà rẹ̀ ní ohun tó ṣòro; ìṣeéṣe rẹ̀ pé pérépéré. Èyí ni mo dáhùn dáadáa jù, mo sì fẹ́ kí o wò ó. Gbé ọ̀rọ̀ tí Goldbach, onímọ̀ ìṣirò, sọ ní 1742 yẹ̀ wò, pé gbogbo nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì tó ju 2 lọ ni àròpọ̀ nọ́ńbà méjì tí kò ṣeé pín ju nípa 1 àti ara wọn lọ. Mú 28: 5 àti 23 ni. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá jẹ́ òótọ́, dandan ni kó jẹ́ òótọ́. Bó bá sì jẹ́ irọ́, dandan ni kó jẹ́ irọ́. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kò sì sí onímọ̀ ìṣirò tó lè ti ara “dandan” yẹn sọ pé ó ti dá òun lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ọlọ́run. Kí ẹ sọ pé dandan ni bí ó bá wà kò tíì sọ fún wa pé ó wà. Màmá kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́. O mọ̀ pé wọn kì í kọ nǹkan sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi Erik Wielenberg ba ayọ̀ mi jẹ́. Aláìgbọlọ́rungbọ́ ni, ẹni tó yẹ kó wà lẹ́yìn mi, àmọ́ ó kọ ọ́ ní 2009 pé ọ̀rọ̀ Dawkins kò kan Ọlọ́run tí kò ní ara tí wíwà rẹ̀ sì jẹ́ dandan, àti pé ohun tí Hume sọ lágbára jù ú lọ. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Ẹni tí ọfà Dawkins bà ni ẹni tó bá ní, “Ohun tó díjú kò lè ṣàdédé wà, torí náà Ọlọ́run wà.” Ẹni yẹn ló fi òṣùwọ̀n náà léni lọ́wọ́, kò lè bínú bí a bá fi wọn Ọlọ́run. Ẹni tó gbàgbọ́ nítorí ohun mìíràn, ọfà náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló kan àwọn hùmánísìtì, àwọn tó ń fi ọmọnìyàn ṣe ìpìlẹ̀ ìwà rere láìfi ti Ọlọ́run ṣe, tí wọ́n fẹnu kò lórí ìkéde kan ní Amsterdam ní 1952. Mo ti mọ ìbéèrè tí Pásítọ̀ Kékeré máa bi wọ́n, ta ló fi iyì sára ènìyàn, mo sì ti mọ pé ìbéèrè Plato, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì àtijọ́, ni wọ́n máa fi dá a lóhùn: ṣé torí Ọlọ́run fẹ́ ohun rere ló ṣe dára, àbí torí ó dára ni Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ? Ẹlẹ́nu Mímú á ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ìwà rere. Wọ́n á tún jà.

Ìròyìn yòókù: ẹ̀gbọ́n mi ti bímọ, obìnrin ni, mo ti kúrò ní yàrá tó ń jò, ìwé rẹ tí o ní mo jí, mi ò jí i, mo ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Ìyá mi gbọ́ pé èmi ni mò ń gbèjà àwọn tó ní kò sí Ọlọ́run. Wọ́n bi mí bóyá mo ṣì ń gbàdúrà. Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu mà, iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni mò ń ṣe, èmi kọ́ ni ọ̀daràn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́ fún ọ, mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ ká ní wọ́n tún un bi mí.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Màmá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ojú ìwé mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ sì dúró lórí pé ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ kò ti ara ẹ̀rí iṣẹ́ ọnà gbàgbọ́. Mi ò lè bi Pásítọ̀ Kékeré, ìwàásù ni yóò ṣe. Ìwọ ni mo mọ̀ tó ń gbàdúrà tó sì lè sọ òótọ́. Bí wọ́n bá fi hàn ọ́ lọ́la pé gbogbo ohun tó wà láyé ló ní àlàyé láìsí oníṣẹ́ kankan, ṣé wàá ṣì gbàgbọ́? Nítorí kí ni? Má fi àwàdà dá mi lóhùn bí mo ṣe dá ìyá mi lóhùn. Kọ ọ́ gùn, kó sì tètè dé, torí ìparí oṣù yìí ni mo gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Agbẹjọ́rò Èṣù (wọ́n ti sọ mí lórúkọ, kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì)