Ẹ̀sùn Lórí Sítóòfù Gáàsì Olójú Márùn-ún Tí Ẹ Tà Fún Wa

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Sítóòfù yín olójú márùn-ún, èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90 tó sì ní ófìnì lábẹ́, ni a ń kọ̀wé lé lórí. Èèyàn mọ́kànlá ló ń jẹun nílé wa. Kí a tó mú tiyín láàárín gbogbo èyí tó wà lórí àtẹ, nǹkan mẹ́ta la béèrè: ṣé yóò tọ́jọ́, báwo ló ṣe ń jẹ gáàsì sí, ṣé a sì lè rí ẹ̀yà rẹ̀ rà bó bá bàjẹ́? Ẹni tó tà á fún wa ní kò séwu. Ewu wà.

Ti gáàsì ló burú jù. Àkọlé tó wà lẹ́yìn sítóòfù sọ pé G30 ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn gáàsì inú sílíńdà. Ó ní ojú iná ńlá ń jẹ gíráàmù 218 ní wákàtí kan, àti pé nósù rẹ̀, ṣóńṣó idẹ tí gáàsì ń gba inú ihò rẹ̀ jáde, fẹ̀ ní mílímítà 0.85. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, sílíńdà kílò 12.5 yóò gbé ojú iná ńlá kan fún nǹkan bíi wákàtí 57, kódà tí a bá ṣí i dópin. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníṣẹ́ gáàsì fi sípánà 7 tú nósù náà, 115 ló wà lára rẹ̀, ìyẹn mílímítà 1.15, kì í ṣe 85.

Nósù gáàsì páìpù nìyẹn. Gáàsì tó ń gba páìpù wọlé kò lágbára tó ti sílíńdà, bó ṣe ń tú jáde náà kò le tó o, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lu ihò tirẹ̀ tóbi. Tí ẹ bá wá fi irú ihò bẹ́ẹ̀ sí gáàsì sílíńdà, ohun tó ń kọjá níbẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, nǹkan bíi gíráàmù 400 ní wákàtí kan. Wákàtí 57 di 31 nìyẹn.

Ooru kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń bá gáàsì pò kò tó mọ́, iná á wá máa yọ ahọ́n pupa dípò kó dúró ní búlúù, á máa lá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ìdí ìkòkò á sì dúdú. Kí ẹ má bàa sọ pé rẹgulétọ̀ ló fà á, ti ilé, mílíbà 30, la ń lò, kì í ṣe irú èyí tí àwọn olóúnjẹ ń yí lọ́wọ́. Àwọn ojú iná yòókù àti ófìnì rí bákan náà. Ó dájú pé ẹni tó yẹ kó pààrọ̀ nósù kí ọjà tó jáde kò pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ò sì fi àpò kékeré tí nósù kejì máa ń wà nínú rẹ̀ sí i.

Irin tí ìkòkò ń jókòó lé náà kò bá ohun tí ẹ kọ sára páálí mu. "Fún ìdílé ńlá" lẹ kọ, ṣùgbọ́n irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Lítà omi 20 nìkan ti wúwo tó kílò 20, kí a tó ka ìkòkò àti ẹran mọ́ ọn. Irin náà ti tẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ìdí ìkòkò wá sún mọ́ iná jù, ó ń fún iná pa, ooru sì ń padà sórí ojú iná tó jẹ́ alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìyẹn ló fi wọ́. Ìdérí rẹ̀ kò jókòó dáadáa mọ́, gáàsì ń yọ lábẹ́ rẹ̀, iná sì ń ga lápá kan ju ìkejì lọ. Èyí tó jẹ́ idẹ wọ́n díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tètè wọ́ báyìí.

Bí a bá fẹ́ tẹmọkọ́pù ófìnì, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí gáàsì dá dúró bí iná bá kú, a máa rí i ní Alábà, torí ó bá ti ọ̀pọ̀ sítóòfù mu. Ojú iná yín ni kò bá ti ẹnikẹ́ni mu, nítorí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ẹ fi sábẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù yín ní àwọn kì í tà á ní ẹyọ kan, àfi kí a ra márààrún.

Ohun tí a ń béèrè nìyí: nósù tó yẹ fún gbogbo ojú iná àti ófìnì, kí oníṣẹ́ yín wá fi wọ́n sí i lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì fi omi ọṣẹ yẹ ìso kọ̀ọ̀kan wò bóyá gáàsì ń jò, irin ìgbékòkò tó nípọn, àti ojú iná ńlá kan tuntun. Bí ẹ kò bá ṣe èyí láàárín ọjọ́ 14 tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, a ó dá sítóòfù padà, a ó gba owó wa, a ó sì gbé ẹ̀sùn náà lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà. Fọ́tò nósù, ti àkọlé ẹ̀yìn sítóòfù àti rìsíìtì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Àwa oníbàárà yín,
Ìbàdàn