Tòkunbọ̀ àbí ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tò nílé?

Sí Olóòtú,

Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń wá ọkọ̀ rà l'Ákúrẹ́ pé kí wọ́n béèrè ẹ̀yà ara ọkọ̀ kí wọ́n tó béèrè owó rẹ̀. Bí iná iwájú Kòrólà tòkunbọ̀ bá fọ́, a sábà máa ń rí bẹ́líjọ́ọ̀mù rẹ̀ rà lọ́jọ́ náà. Ti ọkọ̀ tuntun tí àbúrò mi rà, tí wọ́n tò ní Nàìjíríà, Èkó la ránṣẹ́ sí. Ọkọ̀ jókòó sílé títí iná fi dé.

Ní ti epo, tuntun ló sábà máa ń sàn jù, bí ẹ́ńjìnnì méjèèjì bá tóbi bákan náà. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tòkunbọ̀, tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mọ iye epo tó yẹ kó lò, lè ti kú. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tú púlọ́ọ̀gì: bó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ.

Tó bá di títà, ọdún àkọ́kọ́ ni owó ọkọ̀ tuntun máa ń já jù. Ẹni tó kọ́kọ́ lo tòkunbọ̀ lókè òkun ti ru àdánù yẹn.

Èmi ò ní ra tuntun, àfi tí ẹni tó ń tà á bá ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara nítòsí.

Òǹkàwé yín,
Akúrẹ́