Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì lórí gbèsè báńkì

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìbejì,

Àsàlámù aléékùm. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bá mi kí Ìyá wa, kí o sọ fún wọn pé òtútù ti ń rọlẹ̀ díẹ̀ ní Birmingham, ara mi le.

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́. Iléèwé dá yín dúró láìsọ tẹ́lẹ̀, lóònù tí ẹ fi kan páànù sílé sì ń bẹ nílẹ̀. Kí n má parọ́ fún ẹ, agbára mi kò ká gbogbo ẹ̀ láti ibí. Ohun tí mo ní ni ohun tí mo mọ̀, torí ìdí tábìlì lóònù ni mo jókòó sí ní báńkì ní òpópónà Táíwò, Ìlọrin, kí n tó kúrò nílé. Irú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tó o fẹ́ kọ sí báńkì yìí, èmi ni wọ́n máa ń gbé e wá fún.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ju “ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi” lọ. Àánú a máa ṣe wá lóòótọ́, àmọ́ kò sí bí mo ṣe fẹ́ gbé àánú lọ síwájú máníjà. Iye tí èèyàn lè san, ọjọ́ tó máa san án, àti ibi tí owó yẹn ti ń wá ni máníjà máa bi mí. Tí kò bá sí nínú lẹ́tà, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo máa tì í sí.

Gbé ìwé lóònù rẹ kalẹ̀ ká jọ ṣírò ẹ̀. ₦600,000 lẹ yá fún oṣù 12. Èlé wọn jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, ṣùgbọ́n orí ₦600,000 yẹn ni wọ́n ń kà á sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bó o tilẹ̀ ń san ojú owó. Ìdí nìyẹn tí oṣù kọ̀ọ̀kan fi jẹ́ ₦68,000: ₦50,000 ojú owó, ₦18,000 èlé. O ti san oṣù márùn-ún, ojú owó tó kù jẹ́ ₦350,000.

Tí o bá kàn sọ pé kí wọ́n fa oṣù méje tó kù gùn di mẹ́rìnlá, kọ̀ǹpútà wọn lè máa ka ₦18,000 yẹn lọ títí. Oṣù kọ̀ọ̀kan á jẹ́ ₦43,000, o ó sì ti san ₦252,000 èlé lórí ₦350,000. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ka èlé sórí ₦350,000 tó kù, ₦10,500 ni lóṣù. Àpapọ̀ ojú owó àti èlé á wá jẹ́ ₦497,000, oṣù kọ̀ọ̀kan ₦35,500. ₦105,000 ni ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì, gbólóhùn kan péré nínú lẹ́tà ló sì máa pinnu ẹ̀. Báńkì pàápàá kò pàdánù: ₦126,000 èlé ni ì bá gbà ní oṣù méje tó kù, ₦147,000 ló máa gbà báyìí. Sọ ìyẹn fún wọn, torí òun ni máníjà fẹ́ gbọ́.

O ní kí wọ́n fún ẹ ní ìsinmi oṣù mẹ́ta. Má béèrè ẹ̀. Èlé kì í sinmi. Wọn á máa kà á lọ, wọn á sì dà á mọ́ ojú owó tí ẹ kò bá ṣọ́ra. Owó kékeré tó ń wọlé lóṣooṣù dùn mọ́ báńkì ju ìlérí ńlá tó wà níwájú lọ.

Àwọn ọmọ tí o ń kọ́ nílé òbí wọn ní Tánkẹ́ ń mú ₦70,000 wá lóṣù, oúnjẹ àti ọkọ̀ á gba ₦30,000. Ó kù ₦40,000. Má fi gbogbo ẹ̀ lọ̀ wọ́n, torí òbí kan lè sọ pé òun kò ṣe mọ́ lọ́la. ₦35,500 ni kí o mú. Tí o bá tún já a lẹ́yìn tí wọ́n ti tún un ṣe fún ẹ, ẹ̀ẹ̀kejì a máa le gan-an.

Gẹ̀ẹ́sì ni wàá fi kọ ọ́, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ á ṣe tò nìyí:

“Èmi ni mo ni lóònù tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè yìí. Mo ti san oṣù márùn-ún láìyẹ ọjọ́. Iṣẹ́ mi bọ́ ní oṣù yìí, lẹ́tà ìdádúró àti àkọsílẹ̀ àkáùǹtì mi wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ohun tó ń wọlé fún mi báyìí jẹ́ ₦70,000. Mo ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ pín ojú owó ₦350,000 tó kù sí oṣù 14, kí ẹ ka èlé sórí ohun tó kù yẹn, kí n máa san ₦35,500 ní ọjọ́ 28 oṣooṣù. Mo bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú pé kí ẹ má fi owó ìtanràn kún un. Tí iṣẹ́ bá tún dé, màá sọ fún yín kí a lè yára parí rẹ̀.”

Ó tán. Má kọ ìtàn páànù.

Tí iléèwé bá kọ̀ láti fún ẹ ní lẹ́tà, tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi lé yín sórí ìwé. Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́fà láti àkáùǹtì tí owó oṣù máa ń wọ̀ á sì fi ibi tí owó ti dúró hàn wọ́n. Kọ lẹ́tà náà kí ọjọ́ 28 tó pé. Ẹni tó wá kí ó tó jẹ gbèsè sílẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ń pè tí kì í gbé fóònù, ojú tí wọ́n fi ń wo wọn yàtọ̀. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, àkọsílẹ̀ ẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ìwé gbèsè, báńkì míì á sì rí i.

Má sì rò pé o lè gbé owó pamọ́ sí báńkì míì. Láti 2020 ni ètò Báńkì Àpapọ̀ ti wà tó ń jẹ́ kí ẹni tó yá èèyàn lówó tọ gbèsè tó ti kọjá àkókò lọ sínú àkáùǹtì mìíràn tó wà lórí BVN onígbèsè. Owó yíyá orí fóònù ńkọ́? Ọlọ́run má jẹ́ kí o fi ìyẹn san ti báńkì!

Lọ rí Alhaja tó dúró fún ẹ kí báńkì tó pè wọ́n. Mú Bàbá Ìbejì dání. Báńkì á fẹ́ kí onídùúró tún tọwọ́ bọ̀wé, torí tí wọ́n bá yí àdéhùn padà láìsọ fún un, ó lè sọ pé òun kò sí níbẹ̀ mọ́. Tí inú Alhaja bá bàjẹ́, gbogbo ẹ̀ á fẹsẹ̀ kọ́.

Tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì. Fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí èkejì fún ẹ. “Mo ti gbọ́, máa lọ” látẹnu ọmọ báńkì kì í ṣe ìdáhùn, àwa náà sọ ọ́ gan-an! Títí wọ́n á fi dáhùn, san ohun tí o bá rí, kí o sì gba rìsíìtì.

Tí wọ́n bá gbé àdéhùn tuntun jáde, wo ibi mẹ́ta: ojú owó tí wọ́n kọ, iye tí èlé wà lórí ẹ̀, àti àpapọ̀ owó. Tí ojú owó bá ju ₦350,000 lọ, wọ́n ti da èlé tàbí ìtanràn mọ́ ọn. Bi wọ́n léèrè ohun tó kún un. Ya ìwé náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Alẹ́ ni mo máa ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán yín ni kí o pè mí.

Owó tí wàá san ní oṣù àkọ́kọ́ àdéhùn tuntun, èmi á fi ìdajì ẹ̀ ránṣẹ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ