Ẹ yé fi tipátipá ta bàtà oní-gọ́ọ̀mù fún wa

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún ọ̀rọ̀ yìí, nítorí inú ń bí mi. Bàtà dúdú tí wọ́n ní kí gbogbo òbí wá rà ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi nígbà tí wọ́n wọlé ti yanu. Táàmù kò tíì dé ìdajì tí àtẹ̀lẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún fi ṣí láti iwájú dé àárín, tó ń ṣe pàpàpà lójú ọ̀nà bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Okùn ni ọmọ náà fi dì í kó tó lè rìn padà sí abúlé wa láti Ìsẹ́yìn. Mo lọ fi hàn wọ́n, wọ́n ní ọmọ mi ló ń rìn jù. Ẹ gbà mí o! Kí ni wọ́n wá ń fi bàtà ṣe?

Gọ́ọ̀mù lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, kò sí ojú abẹ́rẹ́ kan lára rẹ̀. Ọmọ tí mọ́tò ń já sílẹ̀ lẹ́nu géètì lè wọ irú ẹ̀. Ti ẹni tó ń rìn ọ̀nà jíjìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́ ni bàtà ti ń tẹ̀ nígbà gbogbo tó bá gbé ẹsẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni gọ́ọ̀mù ti máa ń kọ́kọ́ jáwọ́. Oòrùn ọ̀sán á mú un rọ̀, omi òjò á wọ ibẹ̀, bí iyanrìn bá sì ti ráyè wọlé, ó parí. Ara rẹ̀ tó ń dán yẹn gan-an kì í ṣe awọ. Ẹ wo etí ibi tí wọ́n ti gé e: awọ máa ń ní fọ́nrán wẹ́wẹ́ bíi irun, ṣùgbọ́n aṣọ ni ẹ ó rí lábẹ́ ayédèrú.

Ohun tí mo mọ̀ pé ó ń tọ́jọ́ ni sáńdà aláwọ tó ní ìdè, kí ẹ sì gbé e lọ bá aránbàtà kí ọmọ tó wọ̀ ọ́ rárá. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ fi èékánná àtàńpàkò tẹ àtẹ̀lẹ̀ rẹ̀. Bí ojú èékánná bá rì wọlé tí kò padà, fóòmù ni, òwú á gé e já. Ẹ tún ṣẹ́ ẹ wò: iwájú ló yẹ kó ti tẹ̀, bó bá jẹ́ àárín gbùngbùn ló ti ká, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Kí aránbàtà fi òòlu lu ú yí ká, kó fi òwú tó nípọn, tó ti fi ìda pa, rán an. Kó sì kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ la ojú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ àtẹ̀lẹ̀, kí òwú lè rì sínú rẹ̀. Bí kò bá là á, òkúta wẹ́wẹ́ ojú ọ̀nà á jẹ òwú náà já, iṣẹ́ á di òfo. Ẹ dúró tì í kó fi là á, nítorí àwọn kan máa ń fo ibẹ̀.

Ti ìwọ̀n ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Kíláàsì tí ọmọ wà ni wọ́n ń bèèrè kí wọ́n tó na bàtà síni! Nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, ẹ mú ọmọ dúró, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wọn ẹsẹ̀ tó gùn jù nínú méjèèjì, ẹ fi ìbú ìka kan kún un, kí ẹ gé e. Ẹyọ ìgbálẹ̀ yẹn ni kí ẹ mú lọ sọ́jà láti fi wọn inú bàtà. Ẹsẹ̀ ọmọ mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, bàtà tí inú rẹ̀ gùn tó 21 àbọ̀ ló bá a mu. Nọ́ńbà 32 ni wọ́n kọ sí i, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé nọ́ńbà, 32 ti ibì kan kì í bá ti ibòmíràn dọ́gba. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra èyí tó tóbi gan-an nítorí kí ọmọ lè lò ó pẹ́, gìgísẹ̀ rẹ̀ á máa yọ̀ nínú bàtà títí tí yóò fi bó.

Ẹ̀yin ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ tí mọ́tò ń gbé kiri, ta ló ní kí ẹ gba irú òwò yìí láàyè? Kí ilé ẹ̀kọ́ sọ àwọ̀ bàtà, kó parí síbẹ̀. Bàtà oní-gọ́ọ̀mù kì í ṣe ti ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn, mo tún un sọ. Ẹ bá wa tún ọ̀nà náà ṣe pẹ̀lú. Wọ́n ní ọmọ mi kò gbọdọ̀ wọ sáńdà tí mo rán fún un wọlé. Bí wọ́n bá ní kó bọ́ ọ, kí wọ́n dá owó bàtà wọn padà fún mi kíákíá.

Ìyá ọmọ ilé ẹ̀kọ́,
Ìsẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́